Bí àpò bá ku 149: ìṣirò àmì ìtúnrà fún oúnjẹ léyà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìkéré-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Adó, tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún àwọn onípótírì agbègbè náà. Oríṣi ọjà mẹ́fà-méje ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ léyà, ìyẹn ti adìyẹ tó ń yé ẹyin, àpò oníkílò 25, ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró, òun náà ló sì ń fa wàhálà jù. Nígbà mìíràn ó máa ń tán pátápátá, àwọn oníbàárà á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń kún ilé débi pé àwọn àpò ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé ni bí wọ́n ṣe ṣírò iye àpò tó yẹ kó kù nílé kí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tó tún ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Iye yẹn la ó máa pè ní àmì ìtúnrà.

Kì í ṣe pé ìyá yìí ń tajà láìṣe ìṣirò. Ó mọ̀ pé òun ń ta bí àpò 60 lọ́sẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹrù máa ń gbà kó tó dé. Nítorí náà, tó bá ti ku 120, ó máa ń sanwó ẹrù tuntun. Lójú tirẹ̀, ó pé bẹ́ẹ̀: 60 lọ́nà méjì jẹ́ 120, bí àpò tó gbẹ̀yìn bá ṣe ń jáde ni ọkọ̀ yóò máa já ẹrù. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni pé ìpíndọ́gba ni 60 yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kan lè gbé 100 lọ, òmíràn lè gbé 140. Bí títà bá ń lọ sókè-sódò yí 120 ká, á jẹ́ pé nínú ẹrù méjì tó bá pè, ọjà yóò tán kí ọ̀kan tó dé. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba nìkan ṣe àmì ìtúnrà ti gbà láti máa sọ "Ó ti tán o" ní ìdajì ìgbà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Àfikún kan gbọ́dọ̀ wà lórí 120. Iye tí àfikún náà máa jẹ́ ni wọ́n jókòó lé lórí.

Ọ̀sẹ̀ méjì, láti ibo dé ibo?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń bá a ṣe ìwé ìṣirò. Kó tó fọwọ́ kan iye títà rárá, ó kọ́kọ́ kó àwọn ìwé ẹrù jáde láti wò ó bóyá lóòótọ́ ni àsìkò ìdúró náà kì í yẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ìbàdàn, tó gba Ifẹ̀, Iléṣà àti Akúrẹ́, kì í ju ọjọ́ kan lọ kó tó dé Ìkéré. Ìlà ló ń jẹ ọjọ́ yòókù. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ náà máa ń to àwọn tó ti sanwó tẹ̀léra, wọ́n sì ń fún oníkálukú ní ọjọ́ ìgbẹ́rù, ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí owó rẹ̀ wọlé. Nínú ìwé ẹrù mẹ́fà tó kẹ́yìn, ọjọ́ 14 ni gbogbo wọn. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá pé.

Ibi tí kò ti pé ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí owó wọlé ni ilé iṣẹ́ ń kà láti ibẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ọjà bá dé àmì ló yẹ kí ṣọ́ọ̀bù máa kà láti ibẹ̀.

"Mọ̀mí, ṣé ọjọ́ tó bá ku 120 náà lẹ máa ń sanwó?"

"Bí owó bá wà lọ́wọ́ ni. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró de àwọn tó jẹ mí."

Bí ó bá dúró ọjọ́ mẹ́ta, àsìkò ìdúró ti di ọjọ́ 17 nìyẹn, kò sì sí ìwé ẹrù tó máa fi í hàn. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé owó ẹrù kan yóò máa wà lọ́tọ̀ ní báńkì, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn fún nǹkan mìíràn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ì bá fi ṣe ìṣirò dípò méjì.

Iye tí wọ́n tà àti iye tí wọ́n béèrè

Ìwé títà ọ̀sẹ̀ 12 tó kẹ́yìn kà báyìí, láti ọ̀sẹ̀ kìíní: 52, 71, 48, 44, 60, 39, 75, 58, 63, 54, 47, 60. Ọjọ́ mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tà lọ́sẹ̀, Mọ́ńdè sí Sátidé.

Ẹni tó bá gbé iye wọ̀nyí sínú ìṣirò bó ṣe rí ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọmọ iṣẹ́ fi bírò pupa kọ ọ́ pé ọjà tán ní Tọ́sìdeè. Ní Fúráìdé àti Sátidé, àwọn èèyàn wá, wọ́n béèrè, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, 44 àti 54 kì í ṣe iye tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà. Iye tó wà nílé ni. Ìwé títà kì í kọ orúkọ ẹni tí kò rí rà, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yìí, ohun tí àwọn èèyàn béèrè ló nílò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àpò 44 ni wọ́n tà ní ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn 11 lójúmọ́. Bí ọjà bá wà fún ọjọ́ mẹ́fà, ì bá jẹ́ 66. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, 54 ní ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn 13.5 lójúmọ́, ì bá jẹ́ 81. Ìfojúdá ni, torí ọjọ́ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òótọ́ ju kí a fi 44 àti 54 sílẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ìwé kékeré kan ti wà lórí tábìlì tí ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ iye àpò tí ẹni tí kò rí rà béèrè sí. Ìyẹn tún dára ju ìfojúdá lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, tó jẹ́ 39, ńkọ́? Ọjà wà nílé jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, àwọn oníbàárà ni kò wá. Òun dúró bó ṣe wà. A kì í yọ ọ̀sẹ̀ kan kúrò nítorí pé ó kéré tàbí pé ó pọ̀ lójú. A máa ń tún èyí tí ọjà tán nínú rẹ̀ ṣe ni.

Ó yẹ ká rí ohun tí àtúnṣe méjì yìí yí padà. Bí wọ́n bá lo ìwé títà bó ṣe wà, àmì ìtúnrà tó máa jáde ni 137. Pẹ̀lú àtúnṣe, 149 ni, a ó rí bó ṣe jẹ́ láìpẹ́. Àpò 12 ló wà láàárín wọn, ìwé tí a kò tún ṣe ló sì ń fa àmì náà wálẹ̀. Àmì tó wálẹ̀ yóò mú kí ọjà tún tán, títán yẹn yóò tún mú kí ìwé títà kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe ìṣirò lóṣooṣù yóò máa dín ọjà kù, tí yóò sì máa rò pé àwọn oníbàárà ni kò rà mọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi ojúmọ́ ṣe é, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà díẹ̀díẹ̀ máa ń dúró de ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó wá láti oko, títà ọjọ́ kan sì máa ń ju ti ọjọ́ kejì lọ fíìfíì. Àní lọ́sẹ̀ pàápàá, ọjọ́ ọjà kò dọ́gba. Ọjà ọrọọrún máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹrin-kẹrin sí ara wọn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀méje ló máa ń wáyé ní ọjọ́ 28: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ní méjì-méjì, ọ̀sẹ̀ kan á ní ẹyọ kan. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí ọ̀sẹ̀ kan rẹlẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìṣirò náà

Pẹ̀lú àtúnṣe, iye ọ̀sẹ̀ 12 náà di: 52, 71, 48, 66, 60, 39, 75, 58, 63, 81, 47, 60. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 720. Pín in sí 12, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 60, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe sọ láti orí rẹ̀.

Ohun tó kàn ni bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 60. Ọ̀sẹ̀ kìíní fi 8 dín, ìkejì fi 11 lé, ìkẹta fi 12 dín, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá kàn ro ìyàtọ̀ wọ̀nyí pọ̀, èyí tó lé á pa èyí tó dín rẹ́, yóò di òfo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá. Àròpọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 1654. Pín in sí 11, kì í ṣe 12, torí inú iye wọ̀nyí kan náà la ti fa ìpíndọ́gba yọ, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn sí i dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ́ 150.36. Gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a lọ́po ara rẹ̀ kó tó di 150.36, jẹ́ 12.26. Èyí ni ìwọ̀n ìyapa ọ̀sẹ̀ kan: bí títà ọ̀sẹ̀ kan ṣe sábà máa ń fi tó àpò 12 jìnnà sí 60, lókè tàbí nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdúró, a sì nílò ìwọ̀n ìyapa ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á sọ pé 12.26 lọ́nà méjì jẹ́ 24.5. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀léra máa ń lọ sókè pọ̀. Ọ̀kan lè lé kí ìkejì dín, kí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Iye tí a ti lọ́po ara rẹ̀ la máa ń ròpọ̀: 150.36 àti 150.36 jẹ́ 300.7, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 17.3. Ọ̀nà kan náà ni láti fi gbòǹgbò 2, tó jẹ́ 1.414, lọ́po 12.26.

Lẹ́yìn náà ni òǹkà ààbò, nọ́ńbà tí a fi ń lọ́po ìwọ̀n ìyapa gẹ́gẹ́ bí ìdánilójú tí a fẹ́. Ìyá fẹ́ kó jẹ́ pé nínú ẹrù 20 tí òun bá pè, ọjà kò ní tán kí 19 nínú wọn tó dé, ìyẹn ìdá 95 nínú 100. Òǹkà tó bá 95 mu jẹ́ 1.645. Fi lọ́po 17.3, ó jẹ́ 28.5. Àpò ààbọ̀ kò sí, a ó gbé e sókè sí 29, a kì í gbé e wálẹ̀. Àfikún ààbò nìyẹn. Ro 120 mọ́ ọn, àmì ìtúnrà jẹ́ 149.

Bí a bá kọ ọ́ ní ìlà kan, ROP ni àmì ìtúnrà, d ni ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan, L ni iye ọ̀sẹ̀ ìdúró, s ni ìwọ̀n ìyapa ọ̀sẹ̀ kan, z ni òǹkà ààbò:

```
ROP = d*L + z*s*√L
    = 60*2 + 1.645*12.26*1.414
    = 148.5  →  149
```

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó lè ṣí ìwé oníkọ́lọ́ọ̀mù kò ní láti fi ọwọ́ ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí iye ọ̀sẹ̀ 12 bá wà ní B2 dé B13:

```
E1  =AVERAGE(B2:B13)
E2  =STDEV.S(B2:B13)
E3  2
E4  =NORM.S.INV(0.95)
E5  =ROUNDUP(E1*E3 + E4*E2*SQRT(E3), 0)
```

Kí E5 jẹ́ 149. Bí E2 bá jẹ́ 11.74 dípò 12.26, STDEV.P lẹ tẹ̀, òun sì ń pín sí 12.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò láìgbára lé ìlà ìṣirò náà. Ẹ ro ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó tẹ̀léra pọ̀ nínú ìwé náà: 52 àti 71 jẹ́ 123, 71 àti 48 jẹ́ 119, ẹ máa bá a lọ. Àròpọ̀ 11 ló máa jáde, èyí tó kéré jù jẹ́ 99, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 144. Mẹ́fà nínú wọn ló ju 120 lọ, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí àmì àtijọ́ máa jáni kulẹ̀ ní bí ìdajì ìgbà. Kò sí ọ̀kan tó kọjá 149. Àmọ́ 144 kọjá 137, àmì tí ìwé tí a kò tún ṣe ì bá fún wọn.

Nínú àyẹ̀wò yìí kan náà, ohun kan tún hàn tí ìlà ìṣirò kò lè sọ. Lẹ́yìn 71 ni 48, lẹ́yìn 81 ni 47, lẹ́yìn 39 ni 75. Ẹni tó kó ọjà púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlà ìṣirò gbà pé ọ̀sẹ̀ kan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì; níbí yìí, ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa ìyàtọ̀ rẹ̀ rẹ́, nítorí náà 29 yẹn tiẹ̀ lawọ́ díẹ̀. Wọn kò dín in kù, torí ọ̀sẹ̀ 12 kò tó láti fi dúró lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ewu wà ni òdìkejì rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ tó le bá ń fa ọ̀sẹ̀ mìíràn tó le lẹ́yìn, bíi nígbà tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé owó fẹ́ gbéra tí gbogbo wọn sì ń sáré rà, àfikún tí ìlà yìí bá fúnni yóò kéré.

Kí ni 95 yẹn ń sọ gan-an?

Kì í ṣe pé oníbàárà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yóò padà lọ́wọ́ òfo. Àkókò tí a ń dúró de ẹrù ló ń sọ nípa rẹ̀. Àpò 200 ni ìyá máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, tọ́ọ̀nù márùn-ún. Bí ó bá ń ta 60 lọ́sẹ̀, á jẹ́ pé bí ẹrù 15 sí 16 ló máa pè lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 kò wá pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó bá sì ṣẹlẹ̀, bí àpò méje ni yóò fi dín, tí a bá mú ìpíndọ́gba rẹ̀.

Ó dára kí olówó rí iye tí ìdánilójú ń ná an kó tó mú un. Fún 90 nínú 100, òǹkà jẹ́ 1.28, àmì ìtúnrà á jẹ́ 143. Fún 99, òǹkà jẹ́ 2.33, àmì á jẹ́ 161. Láti 90 dé 95, àpò mẹ́fà ló lé. Láti 95 dé 99, àpò 12 ni, fún ìyàtọ̀ tí kò tó ti àkọ́kọ́. Fún oúnjẹ léyà, 95 kì í ṣe àṣejù. Adìyẹ tó ń yé kì í fara da àìjẹun. Bí kò bá jẹ ní ọjọ́ kan péré, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Onípótírì kò lè dúró de Mọ́ńdè. Ibi tó bá ti rí i ló máa rà á, ó sì ṣeé ṣe kó má padà wá. Fún awo omi adìyẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí oníbàárà lè dúró dè, 85 ti tó.

Káàdì, àti bí ẹrù ṣe máa ń di méjì

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo 149 ni wàhálà mìíràn dé. Ní Mọ́ńdè, ó ku 149, wọ́n sanwó àpò 200. Ní Mọ́ńdè kejì, ọmọ iṣẹ́ ka ọjà, ó rí 89. Ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: bó bá ti dín sí 149, pe ẹrù. Ó sì ti múra àti pe ẹrù kejì.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná," ni ìyá wí. "Èyí tí a san níjọ́sí ńkọ́?"

Ká ní ó pè é ni. Ẹrù kìíní dé ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tó ku bí 29, ó di 229. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ku 169, ẹrù kejì dé, ó di 369. Títà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, tí àpò wà lórí sìmẹ́ǹtì láìsí pákó lábẹ́, ìsàlẹ̀ á gba ọ̀rinrin, oúnjẹ á dì, á bu. Oúnjẹ tó ti bu kò ṣeé tà, torí májèlé tí ebu ń fi sínú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́, ó sì ń dín ẹyin kù.

Ohun tí a máa ń fi wé 149 kì í ṣe ohun tó wà nílẹ̀ nìkan. Ohun tó wà nílẹ̀ ni, kún ẹrù tí a ti san tí kò tíì dé, kí a sì yọ àpò tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì wá gbé. Ní Mọ́ńdè kejì yẹn, 89 àti 200 jẹ́ 289. Ó ṣì jìnnà sí 149. Ní ìdàkejì, bí 160 bá wà nílẹ̀, tí onípótírì kan ti sanwó 20 tó fi sílẹ̀, 140 ni iye gidi, àsìkò ti tó láti pe ẹrù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kún lójú. Wọ́n wá ṣe káàdì kan fún oúnjẹ léyà, ó ní ìlà mẹ́rin: nílẹ̀, lójú ọ̀nà, ti san, ìyókù. Ìyókù nìkan ni ọmọ iṣẹ́ máa ń wò.

Káàdì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ìyá fẹ́ kí wọ́n máa kà á ní Sátidé nìkan, torí iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n 149 gbà pé ọjọ́ tí ọjà bá dé àmì ni a ó mọ̀. Bó bá ku 150 ní Sátidé, ẹni tó ń kà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ kò ní pe ẹrù. Nígbà tí Sátidé mìíràn bá máa fi dé, ó ti di bí 90, ìdúró ọ̀sẹ̀ méjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ọjà tó tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn: kí wọ́n tó kíyè sí i, ó ti wọ 92. Ẹni tó bá fẹ́ máa kà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ yẹn kún ìdúró, kí L di 3. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ 180, àfikún rẹ̀ jẹ́ 35, àmì á jẹ́ 215. Àpò 66 ni yóò máa fi san owó àìkà ojoojúmọ́. Ìyá gbọ́ 66, ó ní kí wọ́n máa kà á lálaalẹ́.

Ibi tí 149 kò ti ní jẹ́ òótọ́ mọ́

Ohun méjì ló lè sọ iye yìí di asán. Èkíní ni kí àsìkò ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ká ní ẹrù ń dé nígbà mìíràn ní ọjọ́ 10, nígbà mìíràn ní ọjọ́ 18, débi pé ìwọ̀n ìyapa ìdúró fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdajì ọ̀sẹ̀. Ìlà ìṣirò á yí padà:

```
ROP = d*L + z*√(L*s² + d²*t²)
```

t ni ìwọ̀n ìyapa ìdúró, 0.5. Abẹ́ gbòǹgbò á jẹ́ 300.7 àti 900, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 34.65, àfikún ààbò sì fò láti 29 sí 57. Ẹ wo ibi tí 900 ti wá: kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníbàárà rárá, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ń pẹ́ ni. Ọjọ́ tí a kò lè gbára lé ń ná olówò ní ọjà ju oníbàárà tí a kò lè sọ ìgbà tó máa wá lọ. Nítorí náà, wọ́n ń kọ ọjọ́ ìsanwó àti ọjọ́ ìdé sí ẹ̀yìn káàdì fún ẹrù kọ̀ọ̀kan. Bí méjì tẹ̀léra bá kọjá ọjọ́ 14, wọ́n á tún ìṣirò ṣe.

Èkejì ni kí ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ṣí kúrò ní 60. Léyà kan máa ń jẹ tó gíráàmù 115 lójúmọ́. Onípótírì tó ní 500 léyà ń lò bí kílò 400 lọ́sẹ̀, àpò 16. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù náà, ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí àfikún ààbò lè gbé. Títà ti di 76 lọ́sẹ̀, àpò 29 yẹn á sì tán lọ́sẹ̀ méjì péré, torí 16 lọ́nà méjì jẹ́ 32. Wọn kì í dúró de ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn kí ìwé tó fi í hàn. Lọ́jọ́ tó bá ti sọ iye adìyẹ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi 32 kún àmì, ó di 181. Bó bá sì ta àwọn adìyẹ àgbà rẹ̀ lódindi láti sinmi kó tó kó tuntun wọlé, ọjọ́ náà ni wọ́n ń yọ 32 kúrò, kí ẹrù tó kàn má baà dé bá ilé tó ti kún.